Ẹkún tó ń lọ, tó tún ń padà

Ẹni tó bá dúró ní etí òkun ní Kútọnu yóò rí ìgbì. Omi á gbéra sókè, á wá sí orí iyanrìn, á sì padà. Lẹ́yìn náà, òmíràn á dé. Ìgbì kan á kéré, kò ní ju kókósẹ̀ lọ. Òmíràn á ga, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ènìyàn ṣubú. Bí ìbànújẹ́ ṣe máa ń ṣe ọmọ tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ kú nìyẹn. Ó máa ń dé, ó máa ń lọ, kì í sì í dọ́gba.

Ọmọbìnrin kan wà ní Kétu, ọmọ ọdún 8. Ìyá rẹ̀ ń din àkàrà tà ní ọjà. Ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá á ti máa lọ ẹ̀wà, ọmọ á sì bu iyọ̀ sí i. Ìyá nìkan ló máa ń fi oríkì pe ọmọ náà. Àwọn yòókù nínú ilé ń pe orúkọ rẹ̀ lásán.

Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru mú ìyá náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó kú.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, ilé kún fún ènìyàn. Àwọn àgbà ń sunkún. Ọmọ náà kò sunkún. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń sáré yí igi máńgòrò ká. Obìnrin kan wò ó, ó mi orí, ó ní: «Ọmọdé kò mọ nǹkan.»

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà mọ̀. Ọkàn rẹ̀ ni kò lè gbé gbogbo ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí igi bá pọ̀ jù ní oko, ọmọdé á ru díẹ̀, á lọ sọ ọ́ sílẹ̀ nílé, á sinmi, á tún padà lọ ru díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ọmọdé ń ṣe pẹ̀lú ikú ìyá. Ó ń gba díẹ̀, ó ń lọ ṣeré, ó sì ń padà wá gba díẹ̀ sí i. Eré yẹn ni ìsinmi rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 3 kọjá, obìnrin kan ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ní àkókò eré. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn epo gbígbóná àti àlùbọ́sà wá. Lójijì, ọ̀fun ọmọ náà dí, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, omijé bọ́. Kò sí ẹni tó bú u, kò sí ẹni tó nà án. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé kí ló ṣe é, kò mọ èsì. Nígbà tí agogo lù, ó ti dákẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, ewúrẹ́ kan wọ kíláàsì, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro ó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òórùn ló mú ẹkún wá? Ọ̀nà tí òórùn ń gbà wọ inú ọpọlọ kúrú. Ó sún mọ́ ibi tí ọpọlọ ń kó ìrántí sí, ó sì sún mọ́ ibi tí ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ ti ń jí. Nítorí náà, òórùn lè gbé ìyá wá sí ọkàn ọmọ kí ọmọ náà tó ronú rárá. Orin kan lè ṣe bẹ́ẹ̀, aṣọ kan náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí kejì wà. Fún ọdún 8, orí ọmọ náà ti kọ́ pé ìyá wà. Bí àkùkọ bá kọ, ìyá wà nídìí ọlọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí, ìyá wà ní ọjà. Orí kì í gbàgbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ó ṣì ń retí ìyá. Ní àárọ̀ kan, ọmọ náà ti bu iyọ̀ sí ọwọ́ kí ó tó rántí. Ní ọjọ́ mìíràn, obìnrin kan nínú ọjà fi oríkì pe ọmọ tirẹ̀, oríkì àwọn ọmọ méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ọmọ náà yí padà kíákíá. Kì í ṣe ìyá rẹ̀. Nígbàkigbà tí orí bá retí ìyá tí kò sì rí i, ó dà bí ẹni pé ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn ikú náà ni. Ìgbì kan nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni orí ń kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun, tí àwọn ìgbì sì ń jìnnà síra wọn.

Ìgbì náà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹkún. Nígbà mìíràn, inú rírun ni, nọ́ọ̀sì kò sì ní rí àìsàn kankan. Nígbà mìíràn, ìbínú ni. Àbúrò ọmọ náà mu omi nínú ife ìyá wọn, ló bá gbá a létí. Bàbá wọn fẹ́ nà án. Ìyá àgbà, tó bí ìyá wọn, mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé.

«Kí ló dé, ọmọ mi?»

«Ìyá àgbà, ife Màmá ni.»

«Mo mọ̀. Àárò wọn ń sọ ọ́. Ó ń sọ èmi náà.»

Ọmọ náà dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní: «Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn lọ, mo bínú sí wọn. Mo kọ̀, n kò fọ ìkòkò. Ṣé èmi ni mo pa wọ́n?»

«Rárá o! Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa wọ́n. Ìbínú ọmọ kì í pa ìyá. Bó bá ń pa ìyá ni, èmi ì bá ti kú tipẹ́, nítorí ìyá rẹ máa ń bínú sí mi gan-an.»

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń rò ní ìkọ̀kọ̀ pé àwọn ló fa ikú òbí àwọn. Àwọn àgbà kì í sábà mọ̀, àfi bí wọ́n bá béèrè.

Àwọn àgbà mìíràn máa ń sọ fún ọmọ pé ìyá lọ sí ìrìn-àjò, tàbí pé ó ń sùn. Àánú ọmọ ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ sí ìrìn-àjò máa ń padà, ọmọ á sì máa wo ọ̀nà. Ẹni tó sùn máa ń jí, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi sàn jù: ìyá kú, kò mí mọ́, kò ní padà wá. Ọ̀rọ̀ náà ń dunni, ṣùgbọ́n kò tan ọmọ jẹ.

Bí ìgbì bá dé, ara kò lè sunkún kíkan láti àárọ̀ di alẹ́. Á rẹ̀ ẹ́, èémí á sì padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, olùkọ́ gba ọmọ náà láàyè láti jáde lọ jókòó sábẹ́ igi, kí ó sì wọlé nígbà tó bá rọ̀ ọ́.

Àwọn ìgbà kan wà tí ìgbì kì í lọ. Bí ọmọ kò bá jẹun dáadáa, tí kò sùn, tí kò sì ṣeré rárá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó nílò ìrànlọ́wọ́. Bí ó bá ń sọ pé òun fẹ́ lọ bá ìyá òun, kí ó sọ fún àgbàlagbà kan ní ọjọ́ yẹn gan-an: bàbá, olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ tó gbọ́ ọ náà gbọ́dọ̀ sọ, kì í ṣe àṣírí tí ọmọdé ń pa mọ́.

Ọdún 1 kọjá. Ọmọ náà ń ra àkàrà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó sì ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó gba èsì ìdánwò, tó rí i pé òun ṣe dáadáa, ó sáré délé láti fi han ìyá rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó rántí, ìgbì ńlá kan sì dé. Irú rẹ̀ tún lè dé nígbà tó bá di ọmọ ọdún 15, tó bá ní ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin máa ń bi ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà kò mọ ìwé kà. Ó gba èsì náà, ó ní kí ọmọ kà á sókè fún òun, ó sì fi í pamọ́ sínú àpótí, láàárín àwọn aṣọ ìyá.