Mọ́ọ̀dì Tó Ń Bo Àṣìṣe Èkejì Mọ́lẹ̀

Láti ọdún 2011 tí ilé iṣẹ́ Bethesda ti gbé géèmù Skyrim jáde ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń fi mọ́ọ̀dì kún un, ìyẹn àwọn fáìlì tó ń yí ilé, ohun ìjà tàbí ènìyàn inú rẹ̀ padà. Géèmù náà máa ń ka mọ́ọ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe tò wọ́n. Bí méjì bá fọwọ́ kan ohun kan náà, ti èyí tó kà kẹ́yìn ló máa ń gbà.

Ká ní ẹnì kan fi mọ́ọ̀dì méjì sí abúlé Riverwood: ọ̀kan ṣe afárá, èkejì kọ́ ilé sí etí odò. Báyìí ni wọ́n ṣe tò nínú `plugins.txt`:

```
*Afara.esp
*IleEtiOdo.esp
```

Bó bá ti ń sún mọ́ abúlé náà, géèmù á pa lójijì, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Bó bá gbé `Afara.esp` sísàlẹ̀, géèmù á máa lọ geerege. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ ló ṣẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Lórí ilẹ̀ Skyrim ni àwòrán kan wà tí ojú kò rí, tó ń fi ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ han àwọn ènìyàn inú géèmù. Nafímẹ́ṣì ni wọ́n ń pè é. Ó pín sí ege-ege, ege kọ̀ọ̀kan sì so mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé pa ege kan rẹ́ pátápátá. Bí géèmù bá wá a láti so ó mọ́ èkejì, tí kò rí i, ó parí nìyẹn. Ẹni tó ṣe afárá kò pa ege náà rẹ́. Bí tirẹ̀ bá gbẹ̀yìn, ege náà á padà sípò. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé lè wá máa forí gbá ògiri ilé tuntun.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé kí a pa `Afara.esp`, kí a ṣí géèmù láìgbé èyí tí a ti ń ṣe bọ̀ wọlé, kí a wá tẹ èyí ní ojú ewé àkọ́kọ́:

```
coc Riverwood
```

Bí ilé nìkan bá pa géèmù, ọ̀daràn ti hàn. Ohun èlò SSEEdit á sì fi ege náà hàn pẹ̀lú àmì `Deleted`. Ẹni tó ṣe mọ́ọ̀dì ilé ló yẹ kó tún un ṣe: kó dá ege náà padà, kó rì í sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń wá ìrànlọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ má kàn sọ pé géèmù ń pa. Ẹ sọ ibi tó ti ń pa gan-an, ẹ kó gbogbo ìtòlẹ́sẹẹsẹ yín sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì fi ìtò méjèèjì hàn, èyí tó ń pa àti èyí tí kì í pa.