Ìwé Ẹ̀sùn Tí Báńkì Lè Fi Ṣiṣẹ́

Ojú ìwé méjì ni ìyá aláṣọ kan ládùúgbò wa kọ kún. Ó mú un wá kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọmọ òun tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ó lọ gba ₦20,000 lẹ́nu ẹ̀rọ apọwó báńkì mìíràn, irú èyí tí wọ́n kọ ATM sí lára. Ẹ̀rọ náà kùn títí, ó dákẹ́, ó dá káàdì padà, kò pọ náírà kan. Kó tó kúrò níbẹ̀ ni àláàtì wọlé pé wọ́n ti yọ owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀.

Báyìí ni ìwé rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀yin báńkì yìí, olè paraku ni yín. Òṣìṣẹ́ yín ló kó owó mi. Ẹ fẹ́ fi ìyà pa opó, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ jẹ ẹ́ gbé.” Ó parí rẹ̀ báyìí: “Kí ẹ tètè ṣe ohun tó yẹ.”

Mo gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka ìwé yìí kì í ṣe ẹni tó gbé owó. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí ẹ̀sùn ni, ẹ̀sùn àwọn ẹlòmíràn sì wà níwájú rẹ̀. Yóò béèrè lọ́wọ́ báńkì tó ni ẹ̀rọ náà pé kí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wò ní aago tí káàdì wọlé, kí wọ́n sì fi owó tí wọ́n kà nínú rẹ̀ wé iye tó yẹ kó ṣẹ́kù. Bí owó bá lé, a jẹ́ pé ẹ̀rọ kò pọ owó lóòótọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń lo ìbéèrè kan ṣoṣo fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ẹ̀sùn: ǹjẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ yìí lè lọ yẹ̀ wò ni, tàbí ohun tí ó lè ṣe? Èyí tí kò bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, kó kúrò.

A mú bírò pupa. A fa ìlà sí “olè paraku” nídìí, nítorí kò sí àkọsílẹ̀ tí wọ́n lè yẹ̀ wò fún un. “Òṣìṣẹ́ yín ló kó owó mi” tún burú jù ú lọ. Ìyá náà kò rí òṣìṣẹ́ kankan. Ẹ̀rọ ló rí. Ẹ̀sùn olè jíjà tí ènìyàn kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lè sọ olùfisùn di ẹni tí wọ́n máa pè lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. A fi ohun tó fojú rẹ̀ rí rọ́pò rẹ̀: “Ẹ̀rọ náà kò pọ owó, ó sì dá káàdì mi padà.”

Nígbà tí a dé ibi ọ̀rọ̀ opó, ó bi mí pé, “Ṣé ká má sọ ìyà tó jẹ mí rárá ni?” Mo ní ká sọ ọ́, ṣùgbọ́n ká sọ èyí tó ní ọjọ́ àti iye lára. Owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ ni owó náà. Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ló yẹ kó san án, ó sì ní láti yá owó. Gbólóhùn kan péré gba gbogbo rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá kà á yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ́ kánjúkánjú, láìjẹ́ pé a bú u.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá kọjú sí àsọtúnsọ. Mo ní kó fi nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: iye owó ni 1, àsìkò ni 2, ẹ̀rọ tí kò pọ owó ni 3, ìgbà tó lọ sí báńkì ni 4. Nígbà tí a ka ìwé náà tán, nọ́ńbà 3 ti jáde ní ìgbà márùn-ún, nọ́ńbà 2 ní ìgbà mẹ́ta. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní ojú ìwé kìíní, ó kọ “nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́”. Ní ojú ìwé kejì, ó kọ “ní alẹ́ ọjọ́ náà”. Ẹni tó bá gba ti alẹ́ gbọ́ yóò wá aago mẹ́jọ nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, kò ní rí nǹkan kan, yóò sì dáhùn pé kò sí irú ẹ̀ níbẹ̀. A ṣí fóònù rẹ̀, a wo àláàtì: 5:42 ni. A kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a pa àwọn yòókù rẹ́.

Ohun tó ń béèrè ló kù. “Ohun tó yẹ” kò ní iye, kò ní ọjọ́. Báńkì lè kọ̀wé pé àwọn ti ń wò ó, kí wọ́n sì sọ pé àwọn ti ṣe ohun tó yẹ. Ó tún kọ pé kí wọ́n dá “gbogbo ohun tí mo pàdánù” padà. Mo bi í pé èló ni. Owó ọkọ̀ ni, kò sì ní rìsíìtì. A yọ ọ́, kí wọ́n má baà fi iyàn jíjà lórí owó ọkọ̀ dá ₦20,000 dúró.

Ìwé náà wá di báyìí:

“Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá 2024, ní aago 5:42 ìrọ̀lẹ́, mo fi káàdì mi béèrè ₦20,000 lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì mìíràn tí a kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò pọ owó, ó sì dá káàdì mi padà, ṣùgbọ́n ẹ yọ ₦20,000 nínú àkáǹtì mi. Fótókọ́pì àláàtì náà wà pẹ̀lú ìwé yìí. Mo wá sí ẹ̀ka yín ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 12 oṣù náà. Wọ́n ní kí n máa retí. Owó ìdánwò ọmọ mi tó yẹ kí n san ní ọjọ́ 8 ni; mo yá owó san án.

Mo fẹ́ kí ẹ dá ₦20,000 náà padà sínú àkáǹtì mi. Bí ẹ kò bá ní dá a padà, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ fún mi, kí ẹ sì fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. Mo ń retí èsì yín kó tó di ọjọ́ 28 oṣù yìí.”

Ọjọ́ 28 yẹn kò ṣàdédé wá. Ọjọ́ 14 ni a kọ ìwé náà, ọ̀sẹ̀ méjì sì ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fún báńkì láti yanjú irú ẹ̀sùn yìí kí oníbàárà tó gbé e wá sọ́dọ̀ wọn. Láti oṣù Kẹfà 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti sọ pé bí owó kò bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì mìíràn, dídá a padà kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 48 lọ. Báńkì tó ni káàdì ni a sì ń fi ẹ̀sùn náà lọ̀, kì í ṣe èyí tó ni ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí báńkì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tí ẹ ó mú lọ sílé. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn yín sí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ fi ẹ̀dà náà àti nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀, ní cpd@cbn.gov.ng. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ fi ìka lé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í léèrè: kí ni òṣìṣẹ́ náà fẹ́ fi èyí yẹ̀ wò, tàbí kí ni ó fẹ́ fi ṣe? Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ pa á rẹ́.