Òróró Ẹ̀pà àti Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Kọ Ẹ̀pà

Purotéènì inú ẹ̀pà ni ara ẹni tó kọ ẹ̀pà ń bá jà, kì í ṣe ọ̀rá rẹ̀. Òun ló ń mú kí ètè wú, kí ara máa yún, kí èémí sì nira. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí a bèèrè nípa òróró ẹ̀pà ni bóyá purotéènì ṣẹ́kù sínú rẹ̀.

Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n ń fi omi tàbí ásíìdì ya ohun tó ń fà bíi gọ́ọ̀mù kúrò lára òróró, kí wọ́n tó fi sódà fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á po amọ̀ kan mọ́ ọn láti fa àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi ooru tó lè kọjá 200 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lé òórùn rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ṣe é délẹ̀, ìwọ̀nba purotéènì díẹ̀ gan-an ló ń ṣẹ́kù.

Ní 1997, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àyẹ̀wò kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Ènìyàn 60 tí ara wọn kọ ẹ̀pà jẹ oríṣi òróró méjèèjì, láìmọ èyí tí wọ́n ń jẹ. Òróró tí a kò fọ̀ mú ara 6 nínú wọn yọ àmì, ṣùgbọ́n èyí tí a fọ̀ mọ́ kò mú ẹnikẹ́ni. Ìròyìn ayọ̀ gidi ni, àmọ́ ènìyàn 60 kò pọ̀: ẹnì kan nínú ogún ṣì lè wà tí ara rẹ̀ yóò kọ ọ́, kí irú rẹ̀ má sì sí láàrin wọn. Ó hàn nínú òfin pẹ̀lú. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 2004 kò fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ òróró tí a fọ̀ dáadáa mọ́ ohun tí ara lè kọ, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù, dandan ni kí orúkọ ẹ̀pà hàn lára ọjà.

Òróró tí àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí ń fún kò gba ọ̀nà yìí rárá. Wọ́n á yan ẹ̀pà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi gbígbóná díẹ̀ pò ó títí òróró yóò fi jáde, wọ́n á sì tún fi òróró náà din kúlíkúlí. Egbò ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ooru dídín kò lè ba purotéènì náà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní ṣe ìpalára. Bí òróró bá ń ta sánsán bí ẹ̀pà, tàbí tí ó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà yàgò fún un. Síbẹ̀, mímọ́ rẹ̀ nínú ìgò kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí òróró tí a gbé kalẹ̀ pẹ́ náà lè mọ́ gaara.

Ẹni tí ẹ̀pà ti fún lọ́rùn rí kò gbọ́dọ̀ fi òróró dán ara rẹ̀ wò nílé. Ilé-ìwòsàn, níbi tí abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì wà nítòsí, ni wọ́n ti ń ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.