Awò Òkèèrè-dé-Ìtòsí àti Awò Ìtòsí-dé-Àárín: Ìyàtọ̀ Wọn fún Òṣìṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Bí ènìyàn bá ti ń súnmọ́ ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, dígí àdánidá tí ó wà nínú ẹyinjú rẹ̀ a máa le. Kò ní lè tẹ̀ dáadáa mọ́ láti wo ohun tí ó wà nítòsí, ìwé kíkà a sì di ìṣòro. Awò ìwé kíkà lásán lè ran irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ òkèèrè di bàìbàì. Ní ọdún 1959 ni awò tí Bernard Maitenaz, ará ilẹ̀ Faransé, ṣe láti yanjú ìṣòro yìí jáde sí ọjà. Òkè awò náà wà fún òkèèrè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ìtòsí, agbára rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láàárín méjèèjì láìsí ìlà kankan lójú dígí.

Bí a bá túmọ̀ orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é ní ṣáńgílítí, 'awò onítẹ̀síwájú' ni a óò ní, orúkọ náà kò sì ní sọ ohunkóhun fún ẹni tí ó gbọ́ ọ. 'Awò òkèèrè-dé-ìtòsí' ni a dábàá níhìn-ín, nítorí pé ó sọ ibi tí ìríran awò náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Àǹfààní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ yóò hàn bí a bá yẹ awò àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò.

Dáyọ́pítà ni a fi ń wọn agbára awò. Bí a bá fi iye mítà tí ó wà láàárín ojú àti ohun tí à ń wò pín 1, a ó rí agbára tí ojú nílò. Ẹ jẹ́ kí a mú ògbufọ̀ kan, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, tí kò nílò awò fún òkèèrè. Ìwé rẹ̀ wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí ó ń fẹ́ 2.50 dáyọ́pítà, ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní 66 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí ó ń fẹ́ nǹkan bí 1.50. Bí ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ bá lè pèsè 0.50 láìní ìnira, awò yóò pèsè 2.00 fún ìwé àti 1.00 fún kọ̀ǹpútà.

Nínú awò òkèèrè-dé-ìtòsí, 1.00 yìí wà ní agbedeméjì ọ̀nà tóóró tí agbára ń gbà yí padà, nísàlẹ̀ ọ̀gangan ọmọlójú. Ṣùgbọ́n iwájú gan-an ni ojú kọ̀ǹpútà wà. Nítorí náà ògbufọ̀ wa yóò máa gbé àgbọ̀n sókè kí ó tó lè kàwé, bí ó bá sì fi di ìrọ̀lẹ́, ọrùn yóò máa dùn ún. Bí a bá rí ẹni tí ó ń gbé àgbọ̀n bẹ́ẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe dandan pé a wọn ojú rẹ̀ ṣì. Ó lè jẹ́ pé awò rẹ̀ kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ni.

Èkejì ni 'awò ìtòsí-dé-àárín'. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: 2.00 fún ìwé. Bí a bá yan èyí tí agbára rẹ̀ fi 1.25 dínkù bí a ti ń lọ sókè, òkè rẹ̀ yóò jẹ́ 0.75, a sì lè ṣe é kí 1.00 bọ́ sí ọ̀gangan ọmọlójú. Orí á dúró bó ṣe yẹ kí ó dúró.

Àǹfààní kejì wà ní ẹ̀gbẹ́ awò. Bí agbára bá ṣe ń yára yí padà sí láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni àwòrán ṣe ń wọ́ sí lọ́tùn-ún àti lósì. Kò sí aṣewò tí ó lè yẹ èyí sílẹ̀ pátápátá. Nínú awò àkọ́kọ́, agbára yí padà ní 2.00, nínú èkejì, 1.25 péré ni, a sì sábà máa ń tẹ́ ẹ sí ọ̀nà tí ó gùn jù. Ìdí nìyí tí ibi tí ó mọ́ kedere fi fẹ̀ sí i, tí ojú fi lè ti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀ láìyí orí.

Ṣùgbọ́n ohun tí a jèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni a pàdánù lókèèrè. Bí ojú bá sinmi, òkè tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.75 kò lè fi ohun tí ó kọjá nǹkan bí 1.3 mítà hàn kedere. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ fi wa ọkọ̀. Ó sì yẹ kí a fi tépù wọn ibi tí ojú kọ̀ǹpútà jìnnà dé, níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, kí a tó lọ rí aṣewò, nítorí bí ó bá jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà, ìṣirò òkè yìí yóò yí padà.

Ọ̀pọ̀ ń pè é ní 'awò ọ́fíìsì'. Orúkọ yìí sọ ibi tí a ń lò ó, kò sọ ibi tí ìríran rẹ̀ dé. Ẹni tí ó sì gbọ́ ọ lè wọ̀ ọ́ láti ọ́fíìsì bọ́ sójú títì. Ẹni tí ó gbọ́ 'ìtòsí-dé-àárín' ti gbọ́ ìkìlọ̀ náà nínú orúkọ.