Nínú Gbogbo Ọdún Tí A Lò, Èwo Ló Tó Kọ?

Ìwé Aké tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1981 kò kọjá ìgbà èwe rẹ̀, nǹkan bí ọdún 11. Àtìmọ́lé rẹ̀ láti 1967 sí 1969 náà ní odidi ìwé tirẹ̀, tó jáde ní 1972. Gígùn ọdún kọ́ ló ń sọ bí ìtàn ṣe máa pọ̀ tó. Kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ àròkọ nípa ayé ara rẹ̀, ó dáa kó kọ́kọ́ fa ìlà.

Ẹ fa ìlà gbọọrọ sórí ìwé fífẹ̀. Ọdún ìbí yín wà lápá òsì, òní wà lápá ọ̀tún. Ẹ má pín in ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá o. Ibi tí ayé yín ti yà ni kí ẹ gé e, bí ìgbà tí ẹ kó kúrò nílùú tàbí tí ẹnì kan kú tí ilé fi dàrú. Ẹ sọ orí kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kí ẹ wá máa tó àmì sórí ohun tí ẹ rántí. Bí ọdún bá sá mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wo ohun tó kan gbogbo ìlú: ṣé kí ọkọ̀ tó máa gba ọwọ́ ọ̀tún ní 1972 ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà ní 1984?

Ká ní ìyá aránṣọ kan tí wọ́n bí ní Ìlá ní 1958 fa tirẹ̀. Àmì kún orí tó pè ní “Ṣọ́ọ̀bù Muṣin” fọ́fọ́, ṣùgbọ́n iná tó ń lọ àti oníbàárà tó ń jẹ gbèsè ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun ojoojúmọ́ nìyẹn, kò ní ọjọ́ kan pàtó tí èèyàn lè dì mú. Àmì tó tóbi jù ni ọjọ́ fíríìdọ̀mù rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ náà: aṣọ, ìrẹsì, fọ́tò, ó tán. Ayẹyẹ sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Àmì kékeré kan wà ní 1984. Ìyá rẹ̀ ti Ìlá dé pẹ̀lú owó tó dì sínú ìró, nítorí ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí owó àtijọ́ má ṣeé ná mọ́. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ti kà á, ibẹ̀ ni ọmọ ti rí i pé ìyá tó ní òun kò ní kọ́bọ̀ nígbà tí òun fẹ́ lọ síléèwé gíga ní owó nípamọ́. Ibi tó ṣẹlẹ̀ wà, àwọn tó wà níbẹ̀ wà, ojú tí ọmọ fi ń wo ìyá sì yí padà. Títí dòní kò tíì mọ ohun tí ìyá ń fi owó náà dúró dè. Èyí ló tó àròkọ.

Orí “Ilé Ọkọ” ló gùn jù, àmì méjì péré ló wà lórí rẹ̀. Bóyá kò sí ìtàn níbẹ̀, bóyá kò sì tíì ṣeé sọ ni. Kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, kó kọ ti owó inú ìró.