Ọjọ́ Tí A Rà Á, Ọjọ́ Tí A Tà Á: Bí Owó Orí Èrè Ohun-Ìní Ṣe Rí ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà ló ti ní ṣíà báyìí. Àwọn kan rà á lórí fóònù, ilé-iṣẹ́ àwọn mìíràn ló sì fún wọn. Bí iye rẹ̀ bá ti gòkè, ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé èló ni ìjọba yóò gbà nínú ohun tó lé yìí. Bí èrè ti pọ̀ tó nìkan kọ́ ló ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Ọjọ́ tí ènìyàn ra nǹkan náà àti ọjọ́ tó tà á ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti sọ.

Owó orí èrè ohun-ìní ni èyí tí ìjọba ń gbà bí ènìyàn bá ta ilẹ̀, ilé, ṣíà tàbí wúrà ní iye tó ju èyí tó fi rà á lọ. Kì í ṣe gbogbo owó tí ẹni tó rà á san ni wọ́n ń wò. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ iye tí olówó rẹ̀ fi rà á, wọ́n á yọ owó alágbàtà tó san. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni èrè, orí rẹ̀ sì ni owó orí wà.

Ká ní nọ́ọ̀sì kan wà ní ìlú Houston, tí kò tíì lọ́kọ, tó ń gba 80,000 dọ́là lọ́dún. Ìpínlẹ̀ Texas kì í gba owó orí lórí owó tó ń wọlé fún ènìyàn, nítorí náà ti ìjọba àpapọ̀ nìkan la ó ṣírò. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2024, ó ra ṣíà 200 ní 50 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ná 10,000 dọ́là. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, ṣíà kan ti di 75 dọ́là. Bó bá ṣí fóònù rẹ̀, á rí i pé 10,000 rẹ̀ ti di 15,000.

Owó orí wo ló jẹ lórí 5,000 dọ́là tó lé yìí ní ọdún 2024? Kò jẹ kọ́bọ̀. Èrè orí ìwé lásán ni. Kòkó tó pọ́n lórí igi kò tíì di owó títí wọn yóò fi gbé e dé orí ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíà tí a kò tíì tà. Ó lè gòkè sí i lọ́la, ó sì lè já wálẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá tà á gan-an ni èrè náà bọ́ sọ́wọ́ lójú òfin, ọjọ́ yẹn ni gbèsè owó orí sì bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ti àdánù: ẹni tí ṣíà rẹ̀ wọ́lẹ̀ kò lè tìtorí rẹ̀ dín owó orí kù níwọ̀n ìgbà tí kò tíì tà á.

Ìlànà yìí ti pẹ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Myrtle Macomber ní ṣíà 2,200 nínú ilé-iṣẹ́ epo Standard Oil ti California. Ilé-iṣẹ́ náà fún un ní 1,100 mìíràn lórí rẹ̀ láìfún un ní owó, ìjọba sì fẹ́ gba owó orí. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọdún 1920, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sọ pé kò sí ohun tó tíì wọlé fún obìnrin náà: ohun-ìní rẹ̀ ṣì wà nínú ilé-iṣẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìwé tó dì mú ló kàn pọ̀ sí i.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé jù ni ohun tí a ń pè ní títà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé, “Èmi ò tíì gba owó náà sí báǹkì, mo kàn tà á, mo sì fi ra òmíràn.” Ìyẹn kò gba ènìyàn sílẹ̀. Bí ṣíà kan bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ tí owó sì rọ́pò rẹ̀ nínú àpò ìdókòwò rẹ, o ti tà á, bí owó náà kò bá tilẹ̀ lo ìṣẹ́jú kan kí o tó fi ra nǹkan mìíràn. Àwọn tó ń ra owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mọ́ jù: kí a fi bítíkọ́ìnì ṣe pàṣípààrọ̀ fún irú mìíràn, títà ni lójú òfin. Ẹlòmíràn á ṣe irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọjà ń gbóná, ọjà á wá já lulẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun, owó orí ọdún tó kọjá á sì dúró dè é nígbà tí nǹkan tó rà kò tó owó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ṣíà rẹ̀ ti di 90 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ta gbogbo rẹ̀, 18,000 dọ́là ni yóò gbà, èrè rẹ̀ yóò sì jẹ́ 8,000. Ibí yìí ni iye ọjọ́ tí nǹkan fi wà lọ́wọ́ ẹni ti wọ ọ̀rọ̀. Bí ohun-ìní bá wà lọ́wọ́ ènìyàn fún ọdún kan tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀, èrè rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ owó oṣù, á sì san iye tí owó oṣù ń san. Bó bá ju ọdún kan lọ, iye tó kéré sí i ni wọn yóò gbà.

Òfin kì í ka ọjọ́ tí a ra nǹkan. Ọ̀la rẹ̀ ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ka ọjọ́ tí a tà á mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì tó rà á ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2024, tó wá tà á ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2025, ọdún kan géérégé ló lò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 13 lọ ló ti ju ọdún kan. Ọjọ́ tí a pàṣẹ tí ọjà sì gbà á ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí owó wọ àpò.

Nínú 80,000 dọ́là rẹ̀, ìjọba yọ̀ǹda 15,750 tí kò ní san owó orí lé lórí fún ọdún 2025. Ó ku 64,250. Lọ́dún yẹn, ẹni tí kò lọ́kọ tí owó rẹ̀ bá ti kọjá 48,475, ìdá 22 nínú 100 ni wọ́n gbà lórí èyí tó lé, títí dé 103,350. Bó bá tà á ní ọjọ́ 12, ìdá 22 yẹn ni yóò san lórí 8,000: 1,760 dọ́là. Bó bá sùn kan, tó jí, tó tà á ní ọjọ́ 13, ìdá 15 ni. Ìyẹn jẹ́ 1,200. Òru kan fi 560 dọ́là sí i lápò. Ká ní owó rẹ̀, pẹ̀lú èrè náà, kò ju 48,350 dọ́là lọ lẹ́yìn ohun tí ìjọba yọ̀ǹda ni, kò bá má san nǹkankan lórí èrè ọlọ́jọ́ pípẹ́ yìí. Lọ́dún yẹn, àwọn tí kò lọ́kọ tí owó wọn bá kọjá 533,400 ló san ìdá 20.

Ṣùgbọ́n ọjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí nọ́ọ̀sì náà bá dúró, tí ṣíà sì já sí 86 dọ́là, èrè rẹ̀ á di 7,200, á san 1,080, yóò ku 6,120. Bó bá ti tà á ní 90 lọ́jọ́ tó ṣáájú, lẹ́yìn tó bá san 1,760, 6,240 ni ì bá kù. Nítorí náà, ẹni tó ku oṣù mẹ́ta kí ọdún rẹ̀ pé, tí ẹ̀rù ilé-iṣẹ́ náà sì ń bà á, kò yẹ kó jẹ́ kí owó orí nìkan so ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ku ọ̀sẹ̀ kan ni dídúró yẹ.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Àwọn aṣòfin fẹ́ kí ènìyàn máa fi owó pamọ́ sínú òwò fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì tún rò ó pé èrè tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó pọ̀ kò yẹ kó dà bí owó oṣù ọdún kan ṣoṣo. Òfin ọdún 1921 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ní kó ju ọdún méjì lọ. Ní ọdún 1942 wọ́n sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà. Lójú tèmi, ìdí náà dára, ṣùgbọ́n ààlà olójú-ọjọ́ kan yìí kò mọ́gbọ́n dání. Nǹkan tó yí padà láàárín ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 13 kò sí rárá.

Ohun tó tún ń dùn mí ju ìyẹn ni ti ogún. Bí bàbá kan bá ra ṣíà ní 10,000 dọ́là, tó di 70,000 kó tó kú, iye ọjọ́ ikú rẹ̀ ni òfin yóò kà sí iye tí ọmọ fi rà á. Bí ọmọ bá tà á ní 70,000 lọ́sẹ̀ kejì, kò sí èrè kankan lójú òfin, 60,000 tó lé náà kò sì ní rí owó orí láéláé. Bí bàbá bá fún ọmọ náà lẹ́bùn nígbà ayé rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ á jogún 10,000 náà àti ọjọ́ tí bàbá rà á, á sì san owó orí bó bá tà á. Ìdílé tó lówó débi tí wọn kò fi nílò láti ta nǹkan títí dọjọ́ ikú ni ọ̀nà yìí ń gbè jù.

Ní Nàìjíríà, òfin kì í wo bí nǹkan ti pẹ́ tó lọ́wọ́ ẹni. Òfin ọdún 1967 ló bẹ̀rẹ̀ owó orí yìí, ìdá 10 sì ni wọ́n ń gbà kí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 tó so èrè ènìyàn mọ́ ìpele owó tó ń wọlé fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ wa tó ti di ará Amẹ́ríkà, tàbí tó ní ìwé ìgbélùú ayérayé, ìjọba Amẹ́ríkà ń béèrè èrè ilẹ̀ tó tà ní Ìbàdàn pẹ̀lú, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ká ní ó ra ilẹ̀ náà ní ₦3,000,000 ní ọdún 2014, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ ₦160. 18,750 dọ́là nìyẹn. Ká ní ó tà á ní ₦15,000,000 ní ọdún 2024, tí dọ́là ti di ₦1,500. 10,000 dọ́là péré ló gbà. Nàìjíríà rí èrè mílíọ̀nù 12 náírà, Amẹ́ríkà rí àdánù 8,750 dọ́là, orí ilẹ̀ kan náà.

Kò sí bí ẹ ṣe lè fi èyí hàn láìsí ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ nílé, ẹ wá rìsíìtì tí ọjọ́ àti iye owó wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí tí ẹni tó tà á fún yín ṣì wà láàyè. Ẹ kọ iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá yín ṣètò owó orí yín.