Wíwá Máàkì Àárín Láì To Gbogbo Ìwé

Olùkọ́ kan gbé ìwé ìdánwò mọ́kànlá sórí tábìlì. Kì í ṣe ẹni tó ṣe ipò kìíní ló ń wá, kì í sì í ṣe ẹni tó gbẹ́yìn. Máàkì àárín ló fẹ́ mọ̀, ìyẹn èyí tí ọmọ márùn-ún wà lókè rẹ̀ tí márùn-ún sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé kó to àwọn ìwé náà láti orí máàkì tó kéré jù dé orí èyí tó ga jù, kó wá ka ẹ̀kẹfà. Ọ̀nà yẹn dára, àmọ́ iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ ju ìbéèrè lọ. Kí ló kan olùkọ́ náà nípa bóyá ẹni tó gba 82 ló yẹ kó ṣáájú ẹni tó gba 90, nígbà tí àwọn méjèèjì jìnnà sí àárín?

Iye àárín wúlò níbi tí iye kan bá ga ju àwọn yòókù lọ fíìfíì. Ká ní èèyàn márùn-ún ló wà ní ṣọ́ọ̀bù kan, tí mẹ́rin ń gba 80,000 náírà lóṣù, tí ọ̀gá wọn sì ń mú 2,000,000 lọ sílé. Bí wọ́n bá da owó náà pọ̀ tí wọ́n pín in sí márùn-ún, 464,000 ló máa jáde, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó ń gba iye yẹn. Iye àárín máa sọ pé 80,000, òun ló sì sún mọ́ ohun tí ojú àwọn òṣìṣẹ́ ń rí.

Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà wá iye àárín láì to gbogbo nǹkan ni wọ́n ń pè ní Quickselect. Olùkọ́ wa lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lórí tábìlì. Àwọn máàkì náà nìyí bí wọ́n ṣe wà: 47, 82, 35, 61, 90, 58, 29, 73, 66, 41, 54.

Ó fa ìwé kan yọ láìwo ojú ẹni tó ni ín: 73 ni. Ìyẹn di òṣùwọ̀n. Ó wá ń gbé ìwé mẹ́wàá tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n wé 73. Èyí tó bá kéré sí i lọ sí apá òsì, èyí tó bá jù ú lọ sí apá ọ̀tún. Nígbà tó ṣe tán, ìwé mẹ́jọ wà lápá òsì, méjì péré, 82 àti 90, ló wà lápá ọ̀tún. Ó ti mọ ohun ńlá kan báyìí: bí wọ́n bá to gbogbo wọn, ipò kẹsàn-án ni 73 máa wà. Ipò kẹfà ló ń wá, nítorí náà kò lè sí lápá ọ̀tún láéláé. Ó kó 82, 90 àti 73 kúrò lórí tábìlì, kò tún bojú wò wọ́n mọ́.

Nínú mẹ́jọ tó kù, ó fa 47 yọ. Mẹ́ta kéré sí i, ìyẹn 35, 29 àti 41. Mẹ́rin jù ú lọ. Ipò kẹrin ni 47 nìyẹn, ẹ̀kẹfà sì wà lápá ọ̀tún. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ètò yìí fún kọ̀ǹpútà ti máa ń ṣìnà. Ìwé mẹ́rin ti kúrò nísàlẹ̀, nítorí náà ẹ̀kẹfà ti di ẹ̀kejì nínú mẹ́rin tó kù: 61, 58, 66 àti 54. Ẹni tó bá gbàgbé láti yọ mẹ́rin yẹn kúrò á máa wá ìwé kẹfà nínú ìwé mẹ́rin.

Ó fa 61 yọ: 58 àti 54 kéré sí i, 66 jù ú lọ. Ó ku méjì. Ó fi wọ́n wéra, èyí tó tóbi jù, 58, ni ìdáhùn. Ìfiwéra mẹ́wàá, méje, mẹ́ta àti ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 21. Bó bá ń ṣiyèméjì, kó ka àwọn tó kéré sí 58 nínú ìwé àkọ́kọ́, kó tún ka àwọn tó jù ú lọ. Bí apá méjèèjì bá jẹ́ márùn-ún márùn-ún, ó jóòótọ́.

Pẹ̀lú ìwé mọ́kànlá, èrè rẹ̀ kò tíì hàn. Ẹ jẹ́ ká wo mílíọ̀nù kan. Títo gbogbo rẹ̀ máa gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 ìfiwéra. Bí a bá ń fa òṣùwọ̀n yọ bó ṣe bá ọwọ́ pàdé, Quickselect máa ń parí iṣẹ́ náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.4 tí a bá wo ọ̀pọ̀ ìgbà pọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń kó èyí tí kò wúlò dànù. Ká ní òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń pín ìlà sí méjì dọ́gbadọ́gba, mílíọ̀nù kan la máa wò, lẹ́yìn náà 500,000, lẹ́yìn náà 250,000, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ kò sì ní pé mílíọ̀nù méjì.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tony Hoare, ló ronú kàn án. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Mọ́sìkò, ibẹ̀ ló sì ti ń wá bí kọ̀ǹpútà ṣe máa túmọ̀ èdè Rọ́ṣíà. Ó nílò láti to àwọn ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn kó tó wá wọn nínú ìwé atúmọ̀ tí wọ́n ká sórí téèpù, ìyẹn ló bí ọ̀nà ìtò tó lókìkí jù lọ tó ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 1961, ó tẹ ètò kúkúrú mẹ́ta jáde tẹ̀ lé ara wọn: pípín sí apá méjì, títò, àti wíwá. Ẹ̀kẹta yẹn ni èyí tí olùkọ́ wa lò. Ó yẹ ká kíyè sí i pé iṣẹ́ kan náà ló wà nídìí ìtò àti wíwá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń tò gbọ́dọ̀ padà sórí apá méjèèjì, ẹni tó ń wá kò ní í padà ju sórí ẹyọ kan lọ.

Àmọ́ ọ̀nà yìí lè dà rú. Ká ní àwọn ìwé náà ti wà lẹ́sẹẹsẹ tẹ́lẹ̀, tí olùkọ́ sì ń mú ti òkè pátápátá ní gbogbo ìgbà. Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ máa jẹ́ 29, kò sí ohun tó kéré sí i, ìwé ẹyọ kan péré ló máa kúrò. Ẹ̀kejì náà bẹ́ẹ̀. Ìfiwéra 45 ló máa ṣe kó tó dé ibi 58, ìyẹn ju ìlọ́po méjì 21 lọ. Lórí mílíọ̀nù kan, irú àṣà bẹ́ẹ̀ máa di nǹkan bíi bílíọ̀nù 375. Àmì rẹ̀ ni pé ètò tó ń yára lórí ìwé tó dàrú á ṣàdédé dúró gbagidi lórí èyí tó ti wà létòlétò. Oògùn rẹ̀ ni kí a fa òṣùwọ̀n yọ láìyan ibì kan. Máàkì tó bára dọ́gba náà máa ń dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: bí gbogbo ọmọ bá gba 50, apá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn máa bọ́ sí. Nítorí náà ló ṣe dára kí tábìlì ní òkìtì mẹ́ta: àwọn tó kéré, àwọn tó dọ́gba, àwọn tó jù.

Àwọn kan kò fẹ́ gbára lé oríire rárá. Ní ọdún 1973, Blum, Floyd, Pratt, Rivest àti Tarjan fi hàn pé a lè yan òṣùwọ̀n tí kò ní dójú tini. Wọ́n pín ìwé sí márùn-ún márùn-ún, wọ́n wá àárín ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún wá àárín àwọn àárín yẹn. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó kéré tán, ló ń kúrò nígbà kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ iṣẹ́ yíyan yẹn wúwo, ìdí nìyẹn tí fífà yọ ṣe ṣì wọ́pọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá ń kọ ètò ní C++ máa bá ọ̀nà yìí pàdé lórúkọ `nth_element`. Ó máa ń yí ipò àwọn nǹkan inú ìlà padà bó ṣe ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìwé olùkọ́ wa kò ṣe sí níbi tí wọ́n wà mọ́. Bí orúkọ àwọn ọmọ bá wà nínú ìlà kan tí máàkì sì wà nínú òmíràn, tí wọ́n sì fi máàkì nìkan sílẹ̀ fún un, máàkì ọmọ kan á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ mìíràn. Ẹ̀dà ni kí wọ́n ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.